Ìgbà Tí Ilẹ̀kùn Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Inú Ọkàn Bá Tì

Ìbéèrè kan wà tó máa ń da àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìṣègùn láàmú nínú ìdánwò ìmọ̀ ara: ìgbà wo ni ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọkàn máa ń tì lẹ́ẹ̀kan náà? A, nígbà tí àwọn ìyẹ̀wù òkè bá ń súnkì. B, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde kúrò nínú ọkàn. C, ní kété tí àwọn ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. D, nígbà tí àwọn ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ bá ń kún. Àwọn tó yan B pọ̀. Ojú wọn ni pé bí ọkàn ṣe ń súnkì gẹ́lẹ́ náà ni ẹ̀jẹ̀ ń jáde.

Kí ẹ tó dá a lóhùn, ẹ ya ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Ọ̀tún tí ìwé ń sọ, ọ̀tún ẹni tó ni ọkàn ni, nítorí náà òsì yín ló máa bọ́ sí nínú àwòrán. Ẹ̀jẹ̀ tó ti káàkiri ara máa ń padà wọ ìyẹ̀wù òkè ọ̀tún, ó ń gba ilẹ̀kùn kan sọ̀kalẹ̀ sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ọ̀tún, ó sì ń gba ilẹ̀kùn kejì jáde lọ sí ẹ̀dọ̀fóóró. Níbẹ̀ ló ti ń gba ọ́síjìn. Iṣan mẹ́rin ló ń dá a padà sí ìyẹ̀wù òkè òsì, ó ń gba ilẹ̀kùn kẹta sọ̀kalẹ̀ sí ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ òsì, ó wá ń gba ìkẹrin jáde sínú áótà, iṣan ńlá tó ń pín in fún gbogbo ara.

Àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí kì í dá ara wọn ṣí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń tì wọ́n. Bí ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bá ju ti iwájú lọ, ó ṣí. Bí ti iwájú bá ju ti ẹ̀yìn lọ, ó pa dé. Òfin yìí nìkan tó láti fi dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká wo apá òsì lára ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹ̀wù ìsàlẹ̀ ti kún, ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bí 120 mìlílítà, ìfúnpá rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 10 lọ. Inú áótà wà ní 80. Bí ìyẹ̀wù náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, ìfúnpá rẹ̀ ga ju ti ìyẹ̀wù òkè lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ilẹ̀kùn àárín wọn sì pa dé. Ìpadé yìí ni ìró àkọ́kọ́ tí dókítà ń gbọ́ láyà. Ṣùgbọ́n kò tíì dé 80, ilẹ̀kùn áótà kò lè ṣí. Fún nǹkan bí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá, ọkàn ń súnkì, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kankan kò wọlé, ìkankan kò sì jáde: 120 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tí ìfúnpá bá kọjá 80 ni ilẹ̀kùn tó ṣí, tí nǹkan bí 70 mìlílítà sì tú jáde. Nítorí náà, C ni ìdáhùn. Ní A àti D, ilẹ̀kùn àárín òkè àti ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí. Ní B, ti ìjáde ló ṣí.

Àwọn olùdánwò kan a tún mú ìgbà kejì wá. Bí ọkàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ilẹ̀kùn áótà a pa dé, ìyẹn ìró kejì, kí ti àárín tó tún ṣí. Gbogbo ilẹ̀kùn tún tì nígbà náà. Iye ẹ̀jẹ̀ lẹ ó fi mọ ìyàtọ̀: nǹkan bí 50 mìlílítà ló kù nínú ìyẹ̀wù báyìí, kì í ṣe 120.

Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tí ẹ yà yẹn náà ló ń yanjú ìbéèrè mìíràn tó wọ́pọ̀: ẹ̀jẹ̀ dídì já kúrò nínú iṣan ẹsẹ̀ tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, ibo ló ti máa kọ́kọ́ há? Ọpọlọ ló máa ń wá síni lọ́kàn, nítorí gbogbo èèyàn ti gbọ́ nípa àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ọ̀nà náà. Láti ẹsẹ̀ dé ọkàn, ńṣe ni iṣan ń fẹ̀ sí i, kò síbi tó lè há sí. Ó la ìyẹ̀wù ọ̀tún méjèèjì kọjá, ó bọ́ sí ẹ̀dọ̀fóóró, ibẹ̀ sì ni iṣan ti kọ́kọ́ ń tín-ín-rín. Kó tó dé ọpọlọ, àfi kó rí ihò gbà láti ọ̀tún bọ́ sí òsì. Irú ihò bẹ́ẹ̀, tó ti wà látinú oyún tí kò sì dí tán, wà láàárín ìyẹ̀wù òkè méjèèjì lára nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn àgbàlagbà. Bí ìbéèrè kò bá ti dárúkọ rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóóró ni kí ẹ yàn.