Ọmọ́yẹ Ti Wọjà

"Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà." Apá àkọ́kọ́ òwe yìí kò ṣàjèjì lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Bí góòlù kejì bá ti wọ àwọ̀n, tó ku ìṣẹ́jú kan kí bọ́ọ̀lù parí, ẹnì kan á ti fi bọnu. Ṣùgbọ́n odidi ìtàn ló wà nínú gbólóhùn kúkúrú yẹn.

Orí Ọmọ́yẹ ti dàrú. Ó bọ́ aṣọ sílẹ̀, ó sì jáde nílé. Ẹbí rẹ̀ rí i, ẹnì kan já aṣọ gbà lórí okùn tí wọ́n sá a sí, ó sì sáré tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé wọn ò bìkítà o, kì í sì í ṣe pé aṣọ náà kéré tàbí pé ó ti ya. Aṣọ wà, ẹsẹ̀ ni kò tètè yá. Kí ẹni tó gbé aṣọ tó yọ lójú ọ̀nà, Ọmọ́yẹ ti wà láàárín àwọn tó ń tajà.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjà? Ká ní ẹ̀yìnkùlé ló dúró sí ni, ẹbí nìkan ni ì bá rí i, wọn ì bá sì bò ó láṣìírí. Ká ní ojú ọ̀nà ni, aládùúgbò díẹ̀ ni ì bá mọ̀, a sì lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, tará-tará abúlé gbogbo ló ń pàdé níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn á ti bá ẹrù wọn délé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ká aṣọ mọ́ Ọmọ́yẹ lára níbẹ̀, ara ni wọ́n bò. Àwọn tó ti rí i ti rí i.

Ohun tí òwe náà ń sọ nìyẹn: àtúnṣe wà, ó sì dáa, àmọ́ ohun tí à bá fi í dènà ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ọmọbìnrin kan tó fẹ́ fi àwòrán ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí wasáàpù, tọ́wọ́ ṣì í, tó lọ bọ́ sí gbàgede kíláàsì wọn. Bó bá fura lójú ẹsẹ̀, tó pa á rẹ́ kẹ́nikẹ́ni tó ṣí i, aṣọ bá Ọmọ́yẹ lọ́nà nìyẹn. Àmọ́ bó bá sùn mọ́jú kó tó mọ̀, tẹ́nì kan ti tọ́jú àwòrán náà sórí fóònù, tó ti gba ibẹ̀ dé ilé ìwé mìíràn, kí ló fẹ́ pa rẹ́? Ti gbàgede yẹn nìkan ló lè pa. Ẹ̀bẹ̀ ṣì lè wúlò, ẹjọ́ sì lè wà ńbẹ̀. Pípa á rẹ́ ni kò bá a mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń rí i tí wọ́n ń ṣi òwe yìí pa. Akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì 9 nínú 30 nídàánwò àárín sáà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ti ń kígbe pé aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Àádọ́rin máàkì mìíràn ń bẹ nílẹ̀! Ọmọ́yẹ yẹn kò tíì jáde nílé. Kẹ́ ẹ tó pa òwe yìí, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ọjà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ ò bá rí i, òwe mìíràn ló kàn.

Ohun kan tún wà lábẹ́ òwe náà tí kò yẹ ká gbé mì. Àwọn baba wa gbà pé wèrè tó bá ti wọjà kò gbàwòsàn mọ́, ìdí sì nìyẹn tí ọjà fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe ìmọ̀ ìṣègùn. Ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, ọdún 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, tìbátan-tìbátan, tí wọ́n ń tibẹ̀ wá gba ìtọ́jú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbádùn tó sì padà sílé. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa òwe yìí sétí ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra, tàbí sétí ìyá rẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ iwájú àgbà lẹ fẹ́ ti pa á, ẹ fi "tótó, ṣe bí òwe o" tì í lẹ́yìn. Wọ́n á ní ẹ ó rí òmíràn pa.