Ìnáwó Tí Kò Mú Owó Jáde: Bí Ìdínkù Iye Ohun Èlò Ṣe Ń Rí Nínú Ìwé Ìṣirò Owó

Nínú ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́ tó bá ń lo ẹ̀rọ tàbí ọkọ̀, ìnáwó kan wà tó máa ń jẹ yọ lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni san owó rẹ̀ lọ́dún náà: kò ní rìsíìtì, kò sí ẹni tó gba owó rẹ̀, a kò sì lè rí i nínú àkọsílẹ̀ tí báǹkì ń fún oníbàárà rẹ̀. Àwọn akáwǹtáǹtì ń pè é ní dìpíríṣíéṣọ̀n, èyí tí a lè pè ní ìdínkù iye ohun èlò, ó sì jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín owó tí a fi ra ohun èlò kan sórí gbogbo ọdún tí ohun èlò náà yóò fi ṣiṣẹ́. Orúkọ náà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wo bí ohun èlò náà ṣe ń di ọ̀pọ̀ lọ́jà, nígbà tó jẹ́ pé owó tó ti jáde tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pín.

Àpẹẹrẹ kan tí a fi iye owó tó rọrùn láti ṣírò ṣe yóò fi èyí hàn. Kí a sọ pé ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn ra ààrò ńlá kan ní náírà mílíọ̀nù 12, tí ó sì san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ni ín retí pé ààrò náà yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 5, èyí tí a ń pè ní ọdún ìlò rẹ̀, àti pé lẹ́yìn ọdún 5 náà, wọn yóò rí ẹni tí yóò rà á ní náírà mílíọ̀nù 2, èyí tí a ń pè ní iye àṣẹ́kù. Bí a bá yọ mílíọ̀nù 2 kúrò nínú 12, mílíọ̀nù 10 ló kù láti pín, bí a bá sì pín in dọ́gba fún ọdún 5, mílíọ̀nù 2 ni yóò wà nínú ìwé ọdún kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìdínkù iye. Ọ̀nà mìíràn wà tó máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù lé àwọn ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n pípín dọ́gba ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, òun náà sì ni a ó lò títí dé òpin àlàyé yìí.

Kí a tún sọ pé lọ́dọọdún, owó tí ilé iṣẹ́ náà ń rí lórí búrẹ́dì jẹ́ mílíọ̀nù 30, tí ó sì ń san mílíọ̀nù 25 fún fùláwà, ṣúgà, dísẹ́ẹ̀lì àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, tí a sì fi ọ̀rọ̀ owó-orí sílẹ̀ ná. Owó tó kù lọ́wọ́ nínú òwò ọdún kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílíọ̀nù 5, ṣùgbọ́n èrè tí ìwé yóò fi hàn jẹ́ mílíọ̀nù 3, nítorí pé a ti yọ mílíọ̀nù 2 ti ààrò kúrò. Ìyàtọ̀ mílíọ̀nù 2 yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n á wo àpótí owó, wọ́n á wo ìwé èrè, wọ́n á sì máa bi ara wọn léèrè ẹni tó kó mílíọ̀nù 2 lọ.

Kò sí ẹni tó kó o, bí a bá sì wo ọdún 5 náà pọ̀, ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Ní ọdún àkọ́kọ́, mílíọ̀nù 12 jáde fún ààrò, mílíọ̀nù 5 sì wọlé láti inú òwò, nítorí náà owó ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà fi mílíọ̀nù 7 dín kù. Ní ọdún kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, mílíọ̀nù 5 ló ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún karùn-ún, mílíọ̀nù 5 wọlé pẹ̀lú mílíọ̀nù 2 tí wọ́n ta ààrò ògbólógbòó náà. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mílíọ̀nù 15 ni owó tó kù lọ́wọ́. Èrè inú ìwé ńkọ́? Mílíọ̀nù 3 lọ́nà márùn-ún, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 15 bákan náà. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì dé, àsìkò nìkan ló yà wọ́n. Bí wọ́n bá kọ gbogbo mílíọ̀nù 12 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìnáwó ọdún àkọ́kọ́, ìwé yóò sọ pé wọ́n pàdánù mílíọ̀nù 7 lọ́dún náà, yóò sì sọ pé wọ́n jèrè mílíọ̀nù 5 ní ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ààrò kan náà ni wọ́n lò, búrẹ́dì kan náà ni wọ́n sì tà ní ọdún méjèèjì. Kí irú ìwé tó ń ṣini lọ́nà bẹ́ẹ̀ má bàa wà ni wọ́n ṣe ń pín in.

Bí akáwǹtáǹtì ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ tún jẹ́ kí ó hàn pé owó kankan kò rìn. Ní òpin ọdún, yóò kọ mílíọ̀nù 2 sí apá ìnáwó, yóò sì kọ mílíọ̀nù 2 mìíràn sí àkọsílẹ̀ tó ń dín iye ààrò kù, èyí tó ń kó ìdínkù ọdún dé ọdún jọ. Kò kan àkọsílẹ̀ báǹkì rárá. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yóò sọ pé ààrò náà kù sí mílíọ̀nù 10, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta yóò sọ pé ó kù sí mílíọ̀nù 6. Mílíọ̀nù 6 yìí kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ní ọjà yóò san. Apá owó àkọ́kọ́ tí a kò tíì pín ni. Bí wọ́n bá ta ààrò náà ní mílíọ̀nù 7 ní òpin ọdún kẹta, ìwé yóò ní wọ́n jèrè mílíọ̀nù 1 lórí títà rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdínkù tí wọ́n ti ń yọ bọ̀ ti fi mílíọ̀nù 1 pọ̀ jù ní ìfiwéra pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ níkẹyìn. Ilẹ̀ tí a kọ́ ilé iṣẹ́ náà sí kò sí nínú ìṣirò yìí o, nítorí ilẹ̀ kì í gbó.

Nínú ìwé tó ń ṣàlàyé bí owó ṣe wọlé àti bí ó ṣe jáde, wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè mílíọ̀nù 3, kí wọ́n tó dá mílíọ̀nù 2 ti ìdínkù iye padà sórí rẹ̀ kí ó lè di mílíọ̀nù 5. Níbí ni àṣìṣe kan ti ń wáyé, tó fi jẹ́ pé àwọn kan máa ń sọ pé ìdínkù iye ń mú owó wọlé. Kò mú kọ́bọ̀ kan wọlé. Ohun tí wọ́n yọ láìjẹ́ pé owó jáde ni wọ́n dá padà. Àwọn tó ra búrẹ́dì ló mú mílíọ̀nù 5 náà wá, yóò sì jẹ́ mílíọ̀nù 5 bí wọn kò bá tilẹ̀ ṣírò ìdínkù iye kankan. Ibi tí ìṣirò irú èyí ti lè kan owó gidi ni owó-orí, bí òfin bá gbà kí a yọ ọ́ kúrò nínú èrè kí a tó gba owó-orí lórí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba ìdínkù iye tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣírò; wọ́n á kọ́kọ́ dá a padà sórí èrè, wọ́n á wá yọ iye mìíràn tí òfin fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe kejì ló ń ba òwò jẹ́ jù. Nígbà tí àkọsílẹ̀ ìdínkù bá ti pé mílíọ̀nù 10 ní òpin ọdún karùn-ún, ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé mílíọ̀nù 10 wà níbì kan tó ń dúró de ààrò tuntun, ṣùgbọ́n iye orí ìwé lásán ni, kì í ṣe àjọ, kì í ṣe èsúsú. Bí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ náà bá ń ná gbogbo mílíọ̀nù 5 lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 2 tí wọ́n rí lórí ààrò ògbólógbòó nìkan ni wọn yóò ní lọ́wọ́ láti fi wá òmíràn. Bí wọ́n bá ná kìkì mílíọ̀nù 3 tó jẹ́ èrè, tí wọ́n sì pa mílíọ̀nù 2 mọ́ ní báǹkì lọ́dọọdún, wọn yóò ní mílíọ̀nù 10, pẹ̀lú mílíọ̀nù 2 ti àṣẹ́kù, mílíọ̀nù 12 pé. Síbẹ̀, iye tí wọ́n ra ti àná ni mílíọ̀nù 12 náà. Níbi tí iye náírà bá ti ń já wálẹ̀, tó sì jẹ́ pé òkè òkun ni ààrò ti ń wá, tuntun lè ti di mílíọ̀nù 30, nítorí pé iye ọjọ́ tí a rà á ni ìdínkù iye ń tẹ̀lé, kì í ṣe iye ọjọ́ tí a fẹ́ ra òmíràn. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, èrè mílíọ̀nù 3 inú ìwé náà tilẹ̀ dùn ju bó ti yẹ lọ.

Ọdún 5 àti mílíọ̀nù 2 àṣẹ́kù tí a fi bẹ̀rẹ̀, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn tó ń darí ilé iṣẹ́ ló fojú bù ú. Ìlànà kẹrìndínlógún nínú àwọn ìlànà ìṣirò owó àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, kí wọ́n máa tún ọdún ìlò àti iye àṣẹ́kù yẹ̀ wò ní òpin ọdún kọ̀ọ̀kan, èyí tó bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹ̀rọ tí a tọ́jú dáadáa lè pẹ́ ju bí a ti rò. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè yí ọdún ìlò padà lè yí èrè padà láìfọwọ́ kan ohun èlò náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ akólẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Waste Management nìyẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2002, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò ní orílẹ̀-èdè náà pe ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ àti márùn-ún nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́, ó sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé láti ọdún 1992 títí di ọdún 1997, nígbà tí èrè kò bá dé ibi tí wọ́n ti sọ pé yóò dé, wọ́n á sún ọdún ìlò ọkọ̀ akólẹ̀ síwájú, wọ́n á sì fún un ní iye àṣẹ́kù tí kò ní ẹ̀rí. Kódà wọ́n fún àwọn ohun èlò tí kò ní àṣẹ́kù tẹ́lẹ̀ ní èyí tó wù wọ́n. Àwọn ọgbọ́n mìíràn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ ló rọrùn jù láti lóye. Kí a sọ pé ọkọ̀ kan jẹ́ dọ́là 180,000, ọdún 10, láìsí àṣẹ́kù: ìdínkù rẹ̀ lọ́dún jẹ́ 18,000. Bí a bá sọ ọ́ di ọdún 12, tí a sì ní yóò ṣẹ́ 30,000 kù, 150,000 ni a ó pín, ìdínkù yóò sì di 12,500. Dọ́là 5,500 ti gun orí èrè lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó ìdọ̀tí kankan kún èyí tí wọ́n ń kó tẹ́lẹ̀. Lórí ẹgbẹ̀rún ọkọ̀, ó di mílíọ̀nù 5.5.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà tún ìwé rẹ̀ ṣe ní ọdún 1998, bílíọ̀nù 1.7 dọ́là ni wọ́n yọ kúrò nínú èrè tí wọ́n ti kéde, Arthur Andersen tó ń yẹ ìwé náà wò sì san ìtanràn mílíọ̀nù 7 dọ́là ní ọdún 2001. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mọ ibi tó ti yẹ kó fura: bí èrè bá ń gòkè ṣùgbọ́n tí owó tó ń wọlé láti inú òwò kò gòkè pẹ̀lú rẹ̀, kí ó ṣí ibi tí wọ́n ti kọ ọdún ìlò ohun èlò sí, kí ó fi ti ọdún yìí wé ti èṣí, kí ó sì fi méjèèjì wé ti àwọn tó ń ṣe irú òwò kan náà, nítorí sísún ọdún ìlò ọkọ̀ síwájú lè fi kún èrè, ṣùgbọ́n kò lè fi dọ́là kan kún owó tó wà ní báǹkì.