Bí gírì ọmọ bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún

Nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìlobù àti Ifọ̀n-Ọ̀ṣun lọ́dún 2025 nítorí ìjà ilẹ̀, àwọn òbí tọ́mọ wọn ní wárápá ló wá sí mi lọ́kàn. Tí gírì bá dé lóru, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ tètè dé Òṣogbo?

Oògùn kan wà tó ṣeé lò nílé, midasọláàmù. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń fi sí, ibẹ̀ ló ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ò ní láti gbé e mì. Àmọ́ dókítà gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀.

Ká ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni, mílígírámù 5 ni wọ́n sábà máa ń kọ. Bí gírì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wo aago, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀. Tó bá pé ìṣẹ́jú 5 tí kò dáwọ́ dúró, ẹ ki ẹnu sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ sáàárín èrìgì ìsàlẹ̀ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ rọra máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má la eyín ọmọ. (Àdí àti ṣíbí ńkọ́? Ẹ gbé wọn sílẹ̀, wọ́n lè há ọmọ lọ́fun.)

Ìwọ̀n oògùn lẹ̀rù wà. Oògùn kan ní mílígírámù 5 nínú mílílítà 1, òmíràn ní 10. Ẹni tó bá fa mílílítà 1 nínú èkejì ti fún ọmọ ní ìlọ́po méjì, èémí ọmọ sì lè falẹ̀. Torí náà, kí dókítà kọ mílígírámù àti mílílítà méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa wo èémí rẹ̀. Ẹ má ṣe fún un lẹ́ẹ̀kejì fúnra yín. Tí gírì ò bá lọ, tàbí tí èémí bá ń ṣe ségesège, ọsibítù ni, kónílé-ó-gbélé tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ mú ìwé dókítà àti igo oògùn dání, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì aago tẹ́ ẹ lò ó.