Olólùfẹ́ Nílé, Àjèjì Lójú Ọ̀rẹ́

Bó bá ku àwọn méjèèjì nínú yàrá, "Àdùkẹ́ mi" ni ọkùnrin náà ń pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọn á sì jọ máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó kẹ́yìn sí ọmọbìnrin náà, ó kọjú sáwọn ọ̀rẹ́. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ kàn án lápá kó bá òun gba omi, kò wẹ̀yìn. Nígbà tí ẹnìkan béèrè ẹni tí ọmọbìnrin náà jẹ́, ó ní, "Ojúlùmọ̀ wa ni." Wọ́n délé, ó tún di olólùfẹ́.

Àwọn kan á ní bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òbí wa kì í di ara wọn lọ́wọ́ mú níta. Ṣùgbọ́n bàbá tí kì í fẹnu ko ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu lójú èrò yìí kan náà ló ń pàṣẹ fáwọn olóúnjẹ pé, "Ẹ fún Ìyá Báyọ̀ ní tiẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún mi." Ìtìjú lè dá ìfọwọ́kàn dúró, kì í dá ìtọ́jú dúró.

Ohun tó wọ́pọ̀ jù ni ìbẹ̀rù ẹnu ọ̀rẹ́. Ọkùnrin tó bá ń ṣìkẹ́ obìnrin, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi sọ pé wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé ìwà rẹ̀ ń yí pa dà bí àwùjọ bá yí pa dà: ara rẹ̀ á yá mọ́ ọ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, á sì le koko nígbà táwọn ọ̀rẹ́ kan bá dé. Ẹni tó ń fi obìnrin pa mọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí àwùjọ kankan tó ti ń fi í hàn.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn kì í ṣe kékeré. John Gottman, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí àwọn tọkọtaya tuntun. Àwọn tó ṣì wà pa pọ̀ lẹ́yìn ọdún 6 ti máa ń dá ara wọn lóhùn nínú irú ìpè kéékèèké bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 86 nínú 100. Àwọn tó kọ ara wọn sílẹ̀, ìgbà 33 péré.

Ẹ má ṣe bá a fà á nínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dárúkọ ohun kan ṣoṣo: "Ó dùn mí nígbà tó o pè mí ní ojúlùmọ̀." Ẹ má bèèrè ìdìmọ́ra. Ẹ ní kó máa fi yín han àwọn ọ̀rẹ́ ní orúkọ àti ipò yín, kó sì jókòó tì yín. Ẹni tí ojú ń tì á gbìyànjú, bí kò tiẹ̀ já gaara. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yìí, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lóde tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kó kó ẹbí rẹ̀ wá ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ títí dìgbà táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ sí i.