Gbogbo Ohun Tó Lẹ̀ Mọ́ Aago Kọ́ Ni Ṣájà Rẹ̀

Bí okùn fóònù bá sọnù, ti aládùúgbò lè gbà á. Àpótí íápíìsì aláìlókùn náà ti ń rọrùn: láti ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti pàṣẹ pé fóònù, íápíìsì àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ alágbèéká tí wọ́n bá ń tà lọ́dọ̀ wọn gbọ́dọ̀ ní ojú Táípù-Sí. Ohun kan ṣoṣo tó ń da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀ ni pé àwọn àpótí olówó pọ́ọ́kú kan kì í gba iná bí okùn tí ẹ lò bá jẹ́ Táípù-Sí lórí méjèèjì; ẹ̀yà kékeré tí irú okùn bẹ́ẹ̀ fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ ni wọn ò fi sínú àpótí náà. Okùn tí orí rẹ̀ kan jẹ́ yùésìbì pẹlẹbẹ àtijọ́ máa gbé e dìde, nítorí náà ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Aago ọwọ́ ìgbàlódé ni wàhálà wà fún gan-an, nítorí òfin yẹn kò kàn án. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe okùn tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ẹni tó bá sì sọ tirẹ̀ nù á gba ọjà lọ, á máa fi aago wọn okùn kan lẹ́yìn òmíràn, á sì ra èyí àkọ́kọ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ mi ni pé lílẹ̀ tó lẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Ìbéèrè tó yẹ ká bi okùn tuntun ni pé, nínú imú rẹ̀ méjèèjì, èwo ni pọ́sítífù wà?

Ẹ̀rù mìíràn ló sábà máa ń ba àwọn oníbàárà. Wọ́n á ní orí ṣájà yìí ti lágbára jù, áḿpù 2 ni, ó máa jó aago. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ṣájà kì í ti áḿpù wọnú ẹ̀rọ. Fóòtì ló ń gbé kalẹ̀, 5 ni, ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn ló sì ń fa ìwọ̀n áḿpù tó bá nílò. Ẹ wo táńkì omi ńlá tó wà lókè ilé: ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ omi díẹ̀, ìwọ̀n tó ṣí náà ló máa rí. Ẹ̀rọ omi tí à ń sọ yìí, inú aago ló wà. Láàárín ojú irin ẹ̀yìn aago àti bátìrì rẹ̀ ni ẹ̀yà kékeré kan wà tó ń gba fóòtì 5, tó ń yẹ bátìrì wò, tó ń bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, tó sì ń pa iná dé nígbà tí bátìrì bá dé nǹkan bíi fóòtì 4.2. Ẹ̀yà yẹn gan-an ni ṣájà. Ohun tí à ń pè ní ṣájà kò ju ọ̀nà lọ: wáyà méjì, imú méjì aláwọ̀ wúrà, àti òòfà tó dì wọ́n mú. Orí ṣájà tó ń yára gan-an kì í kọjá fóòtì 5 àfi bí ẹ̀rọ bá béèrè, aago kékeré kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ohun tí okùn lásán lè fi pa aago ni kó gbé iná wá láti apá òdì.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo aago onígun mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tó ní ojú irin méjì lẹ́yìn. Ìwọ̀n méjì ló sábà máa ń wà fún irú rẹ̀. Láti àárín ojú irin kan sí àárín ìkejì lè jẹ́ mìlímítà 2.84, ó sì lè jẹ́ 4. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti mọ èyí tó jẹ́, nítorí ìkan kò tó 3 dáadáa, ìkejì sì ju 3 lọ ketekete. Okùn tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ kò ní gba iná, ìyẹn sì rọrùn láti mọ̀. Ewu wà nínú okùn tí ìwọ̀n rẹ̀ bára mu. Àwọn tó ń tà á á sọ pé kò lè ṣì í, pé òòfà náà á kọ̀ bí ẹ bá yí i sódì. Òótọ́ ni pé á kọ̀, torí apá àríwá òòfà kan kì í gba apá àríwá òmíràn. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé-iṣẹ́ kan fi pọ́sítífù sí lábẹ́ apá àríwá, òmíràn lè fi í sábẹ́ apá gúúsù, kò sì sí òfin tó kó wọn pọ̀. Ìlà òòfà ni òòfà ń ṣọ́, kò mọ ìlà iná. Bí iná bá wọlé láti òdì, aago tí wọ́n fi ààbò sí kò kàn ní gba iná. Èyí tí kò ní ààbò, ẹ̀yà tó ń bu iná fún bátìrì lè jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, aago ò sì ní tan mọ́.

Ọ̀nà tí èèyàn fi lè mọ̀ kí ó tó kó sí i kò le. Ẹ wá ẹni tó ní irú aago yín gan-an, tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ bá tiyín mu, tó sì ní okùn tó bá a wá. Láì so okùn yẹn mọ́ iná, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ aago, kí ẹ fi ọ̀dà èékánná tọ́ orí rẹ̀ ní apá tó kọjú sí bọ́tìnì aago. Ẹ yọ ọ́, ẹ wá so ó mọ́ iná. Ẹ gbé mítà sí ibi fóòtì 20 ti iná tààrà, ẹ fi ìka pupa rẹ̀ kan imú tó wà lápá ọ̀dà, kí dúdú kan ìkejì. Ẹ ṣọ́ra kí ìka irin méjèèjì má kan ara wọn, nítorí àyè ibẹ̀ kéré. Bí mítà bá mú nǹkan bíi 5 wá, apá bọ́tìnì ni pọ́sítífù wà. Bí àmì ìyọkúrò bá ṣáájú 5 náà, apá kejì ló wà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún okùn tuntun: kó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ aago láìsí iná, ẹ tọ́ ọ̀dà sí apá bọ́tìnì, ẹ yọ ọ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí èsì méjèèjì bá jọra, ẹ rà á. Ọ̀dà yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé okùn àti aago máa ń kọjú síra wọn bí èèyàn àti dígí, apá ọ̀tún ìkan sì máa ń di apá òsì ìkejì lójú ẹni tó bá ń fi ojú lásán ṣírò.

Ẹnì kan lè sọ pé òun ò ní mítà. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà àti ládùúgbò gbogbo ní in, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Òmíràn lè sọ pé òun ò rí ẹni tó ní irú aago òun. Ìdáhùn tí mo ní fún onítọ̀hún kò dùn mọ́ni: kí ó ra okùn tí wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà aago rẹ̀ sára páálí rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó lè dá a padà fún, kódà bí owó rẹ̀ bá fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti ẹ̀gbẹ́ títì lọ. Okùn tó lẹ̀ lásán jẹ́ títa tẹ́tẹ́, aago ni wọ́n sì ń fi ta á. Aago tí kò ní ojú irin rárá, tó ń gba iná láti ara àwo, kò ní ìṣòro òdì yìí, ṣùgbọ́n àwo fóònù kì í sábà bá a mu; ti irú rẹ̀ gan-an ló máa gbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo okùn tuntun, ẹ má fi í sílẹ̀ lọ sùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aago. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú; bó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò fi lè dúró lórí rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá. Bí aago bá sì ti kún, ẹ yọ okùn kúrò lára iná, ẹ má kàn yọ aago nìkan. Òòfà tó wà lórí okùn náà ń fa abẹ́rẹ́ àti píìnì inú dúrọ́ọ̀, ìkan ṣoṣo tó bá sì sùn lórí imú méjèèjì ti so pọ́sítífù mọ́ nẹ́gátífù. Níbẹ̀ ni ike orí okùn ti máa ń yọ́.