Nígbà Tí Iná Bá Dé Lójijì

Bí iná bá dé lálẹ́ n’Íbàdàn, ariwo “Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!” ló máa ń kọ́kọ́ ta. Nígbà mìíràn, òórùn ike tó jóná ló máa ń tẹ̀ lé e.

Ara ọ̀pọ̀ ṣájà fóònù ni wọ́n ti kọ ọ́ pé kò gbọdọ̀ gba iná tó ju fólítì 240 lọ. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè fò kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì wálẹ̀. Ẹ̀rọ adáàbòbò lè gba ìyẹn mọ́ra, àmọ́ bó ṣe ń gbà á ló ń gbó. Bí iná kékeré tó ń fi hàn pé ó ń dáàbò bò bá ti kú, sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán ló kù.

Ti wáyà níútírà tó já lórí òpó ló burú jù. Iná ilé lè sún mọ́ 400, kó sì dúró síbẹ̀. Adáàbòbò lásán á jóná mọ́ ọn. Èyí tó ń já iná fúnra rẹ̀, tó sì ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó dá a padà, ló lè gba ṣájà là.

Ẹni tí kò ní in, kó yọ ṣájà ní kété tí iná bá lọ. Bó bá dé, kó tan gílóòbù àtijọ́ kan wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó má tíì ki ṣájà bọ̀ ọ́.