Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Kí Bírò Tó Kan Ìwé

Àwọn ọmọ wa tó ń múra àtilọ sí Kánádà tàbí Ìlú Ọba mọ orúkọ IELTS bí ẹni mowó. Apá àkọsílẹ̀ rẹ̀ gba wákàtí kan, iṣẹ́ méjì ló sì wà níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n ní kí ènìyàn lò fún èkíní, ogójì fún èkejì, tí í ṣe àròkọ tí ẹni tó ń kọ ọ́ ti ń sọ èrò rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì yẹ kó tó 250 ọ̀rọ̀, ó kéré tán. Àròkọ yìí ló wúwo jù, nítorí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti iṣẹ́ èkíní.

Ohun tí ogójì ìṣẹ́jú ń ṣe fún èèyàn ni pé ó ń lé e ní eré. Bí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ló ń kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn àròkọ bẹ́ẹ̀ tí mo ti kà jọra wọn: ìpínrọ̀ kejì fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìpínrọ̀ kẹta takò ó, ìparí wá ní ọ̀tún dára, òsì náà dára. Bẹ́ẹ̀, nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi ń máàkì, ìwọ̀n wọn sì dọ́gba: bí èèyàn ṣe dáhùn ìbéèrè sí, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe tò tí ó sì so kọ́ra, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n lò, àti gírámà. Méjì àkọ́kọ́, inú ètò tí a ṣe kí a tó kọ̀wé ni wọ́n ti ń jáde. Ẹni tí èdè Gẹ̀ẹ́sì dá lẹ́nu ṣaṣa náà lè pàdánù níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tí mo fúnra mi ṣe, kí a sì ṣe ètò rẹ̀ látòkèdélẹ̀: "Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti di wàhálà ní àwọn ìlú ńlá. Àwọn kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi lè yanjú rẹ̀ ni kí ìjọba fòfin de ọkọ̀ àdáni ní àárín ìlú. Báwo ni o ṣe fara mọ́ èrò yìí tó?"

Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kíkà ni. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè náà rọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ yóò fa ìlà sábẹ́ "sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ" àti "ọkọ̀ àdáni", wọn yóò sì kọ bí gó-sílóò ṣe ń dá àwọn èèyàn lágara. Ṣùgbọ́n "ọ̀nà kan ṣoṣo" ni egungun ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bi yín bóyá gó-sílóò burú. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn.

Ìṣẹ́jú kejì ni ti ìdúró. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ohun tí ẹ gbà gbọ́ lọ́kàn yín. Ẹni tó ń máàkì kò ní fi máàkì fún yín torí pé èrò yín bá tirẹ̀ mu. Ìhà tí ẹ rí ìdí méjì sọ fún kíákíá ni kí ẹ dúró sí. Níhìn-ín, ó rọrùn láti sọ pé: òfin náà lè ṣèrànwọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé òun nìkan ni ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan péré.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ gan-an, nítorí ibẹ̀ la ti ń wá ìdí méjì. Ìdí kọ̀ọ̀kan nílò "nítorí kí ni?" àti àpẹẹrẹ kan. Lọ́ńdọ̀nù ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, wọ́n á sì fẹ́ fi gbe òfin náà lẹ́sẹ̀. Ẹ ṣọ́ra. Láti oṣù kejì ọdún 2003 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tó bá wọ àárín ìlú ní àkókò tí wọ́n là sílẹ̀. Kò fòfin dè wọ́n. Àpẹẹrẹ yìí kan náà tí èèyàn lè fi gbè sẹ́yìn òfin ló ń fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà, nítorí ẹni tí yóò sanwó á rò ó wò kó tó gbé ọkọ̀ jáde. Ìdí kìíní nìyẹn.

Fún ìdí kejì, ẹ bi ara yín pé ta ni òfin náà yóò ni lára. Ní Èkó, bọ́ọ̀sì BRT ti ń rìn láti ọdún 2008, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín Máìlì 2 àti Màrínà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní ọdún 2023. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àdúgbò ni méjèèjì kò dé. Bí wọ́n bá fòfin de ọkọ̀ lónìí, ńṣe ni àwọn èèyàn á gbé e dé ẹnu ààlà, wọ́n á páàkì síbẹ̀, gó-sílóò á kàn ṣípò padà ni. Ẹ wá dán ìdí méjèèjì wò: ṣé àpẹẹrẹ kan náà lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdí kan ni ẹ ní, ẹ kàn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni. Lọ́ńdọ̀nù ò lè ṣiṣẹ́ Èkó níhìn-ín, nítorí náà ètò yìí dúró.

Ohun tó wà lórí ìwé yín báyìí kò ju èyí lọ:

Ìdúró: ó lè ṣèrànwọ́, kì í ṣe òun nìkan.
1. Gba owó – èèyàn á rò ó wò – Lọ́ńdọ̀nù 2003.
2. Bọ́ọ̀sì, rélùwéè kò kárí – gó-sílóò á ṣípò – Èkó.
Ìparí: owó àti bọ́ọ̀sì ṣáájú òfin.

Ẹ má kọ gbólóhùn kíkún síbẹ̀, àyàfi ti ìdúró yín. Ìṣẹ́jú kẹfà, ẹ wo èwo nínú ìdí méjèèjì ló yẹ kó ṣáájú, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Bí ìfáárà bá gba ogójì ọ̀rọ̀, tí ìpínrọ̀ méjì àárín gba 100 sí 110 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tí ìparí sì gba ogójì, ẹ ti kọjá 250. Ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni kíkọ rẹ̀, èyí tó kù á wà fún àtúnkà.

Àwa tí a ṣe dìbéètì nílé ìwé ní wàhálà tiwa. Wọ́n kọ́ wa láti kí alága, kí àwọn adájọ́ tí kì í ṣègbè àti olùtọ́jú àkókò kí á tó ṣí ọ̀rọ̀ kankan. Àṣà yìí ló ń bí ìfáárà bíi "Láyé òde òní, ohun gbogbo ti ń yí padà," tó ń jẹ ọ̀rọ̀ ogún láìsọ nǹkan kan. Bí ìdúró yín bá ti wà lórí ìwé, gbólóhùn méjì tó fún ìfáárà: èkíní tún ìbéèrè sọ lọ́nà tiyín, èkejì sọ ìdúró.

Bí ìbéèrè bá ní kí ẹ jíròrò èrò ìhà méjèèjì kí ẹ sì sọ tiyín, ìpínrọ̀ kan ni ti ìhà kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni tiwọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò, kó má baà di ohun tí ẹ sáré fi há ìlà tó kẹ́yìn.

Nígbà mìíràn, aago á tètè sáré ju ọwọ́ lọ. Bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ẹ ṣì wà láàárín ìpínrọ̀ kẹta, ẹ parí gbólóhùn tó wà lọ́wọ́, ẹ fò lọ sí ìlà ìparí nínú ètò yín, kí ẹ sì sọ ọ́ di gbólóhùn méjì.